Ibi méjì tí omi ń gbà sá: àkọsílẹ̀ táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta ni ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà. Màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó ọmọ náà, àti ọmọ-ọmọ kan. Omi bọ́ọ̀hòlù ni wọ́n ń lò: pọ́ńpù á fà á gòkè sínú táǹkì ńlá oní lítà 1,000 tí wọ́n gbé ka orí òpó kọnkéré, tó fi nǹkan bíi mítà 4 ga ju táǹkì kékeré tó wà lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ṣíṣàn tí omi ń ṣàn wálẹ̀ láti òkè yìí nìkan ló ń fún un ní agbára. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń tì í. Nítorí pé iná ìjọba kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tàn kí wọ́n tó lè fa omi, owó epo sì jẹ́ kí gbogbo ilé mọ iye ọjọ́ tí omi ń tó wọn lò. Ọjọ́ 5 tàbí kí ó lé díẹ̀ ni, èyí tó túmọ̀ sí nǹkan bíi lítà 180 lóòjọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá di pé kí ọjọ́ kẹta tó parí, táǹkì òkè ti gbẹ kanlẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ wo abẹ́ táǹkì àti ojú páìpù gbogbo, ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n wo ẹ̀rọ omi ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀, kò sí èyí tó ń kán. Màmá ló kọ́kọ́ sọ pé òun ń gbọ́ ariwo tín-ín-rín kan nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, bí ẹni ń súfèé láìlóhùn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ó rí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára tánganran. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè tètè rí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà ní ilé tiyín, ẹ nu ẹ̀yìn àwo náà gbẹ, kí ẹ lẹ bébà ìnudìí kan mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí omi bá ń yọ́, bébà náà yóò tutù láti òkè wá sílẹ̀.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú táǹkì kékeré náà, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni fáàfù tó ń gba omi wọlé, tí ohun tó ń léfòó wà lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni a ń pe ohun tó ń léfòó yìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òde òní kì í rí roboto mọ́, ó sábà máa ń dà bí ife tí a dojú rẹ̀ dé. Bí omi bá ti ga, bọ́ọ̀lù á gòkè, fáàfù á sì pa. Ìkejì ni òpó ìṣanmi tó dúró sí àárín, tí bọ́tìnì orí ìdérí ń gbé sókè nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà roboto pẹlẹbẹ kan wà ní ìdí òpó yìí tó ń dí ihò tí omi ń gbà lọ sínú àwo. Ihò sì tún wà nínú òpó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí omi tó bá fẹ́ kún jù lè gba ibẹ̀ lọ sínú àwo dípò kí ó ṣàn sílẹ̀ ilé. Ẹ fi ihò àkúnwọ́sílẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló tan ọmọ Màmá jẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìronú. Ó ti gbọ́ pé a máa ń da àwọ̀ sínú táǹkì láti mọ̀ bóyá ó ń jò, nítorí náà ó mú búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó pò ó mọ́ omi, ó dà á sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, omi inú àwo ti di búlúù. Ó parí èrò sí pé rọ́bà ìdí òpó ti bàjẹ́. Ó pa omi, ó yí òpó náà díẹ̀ sí apá òsì títí ó fi tú kúrò lójú ìdè rẹ̀, ó bọ́ rọ́bà tó wà ní ìdí rẹ̀, ó mú un lọ sọ́jà kí ó lè ra èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́, ó sì fi tuntun sí i. Ohun tó dára ni pé ó mú ti àtijọ́ dání, nítorí rọ́bà wọ̀nyí pọ̀ ní oríṣiríṣi, èyí tó bá sì fi díẹ̀ fẹ̀ tàbí kéré kò ní jókòó.

Nígbà tó dá gbogbo rẹ̀ padà, omi ṣì ń yọ́. Ó dà bí ẹni pé ó dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n táǹkì òkè kò tó ọjọ́ mẹ́ta síbẹ̀. Ó bínú sí ẹni tó ta rọ́bà fún un pé ayédèrú ni, ó sì ti ń gbèrò láti ra gbogbo ohun inú táǹkì náà tuntun. Ìgbà náà ni Màmá ní kí ó pè mí, nítorí pé mo máa ń tún irú nǹkan wọ̀nyí ṣe ní àdúgbò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti dán an wò pẹ̀lú búlúù, ìsàlẹ̀ ló ti ń jò.”

Mo bi í pé, “Nígbà tí o da búlúù sí i, ṣé o ti pa kọ́ọ̀kì ara ògiri, àbí ó wà ní ṣíṣí?”

Ó ní ó wà ní ṣíṣí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí kọ́ọ̀kì bá wà ní ṣíṣí tí fáàfù tó ń gba omi kò sì pa dáadáa, omi inú táǹkì á máa ga títí yóò fi dé ẹnu ihò àkúnwọ́sílẹ̀, á sì máa gba inú òpó lọ sínú àwo. Àwọ̀ tí a dà sínú táǹkì á bá a lọ. Nítorí náà, búlúù tó dé inú àwo kò sọ ju pé omi ń kúrò nínú táǹkì. Kò sọ ibi tó ń gbà. Ó lè gba ìsàlẹ̀, ó lè gba òkè, ó sì lè gba méjèèjì. Àwọ̀ yóò sọ òtítọ́ bí a bá kọ́kọ́ pa kọ́ọ̀kì, tí a sì bu omi kúrò títí ojú rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ẹnu òpó lọ, kí a tó da àwọ̀ sí i.

Mo ṣí ìdérí táǹkì, mo sì gbé e sílẹ̀ lórí aṣọ kí ó má baà fọ́. Kò pẹ́ tí ohun tí mo ń wá fi hàn: ojú omi dọ́gba pẹ̀lú ẹnu òpó, ó sì ń mì rìrì níbi tó ti ń wọnú ihò náà. Ó yẹ kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ rẹlẹ̀ sí ibẹ̀. Fáàfù tó ń gba omi kò pa, kò sí àníàní lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sọ pé rọ́bà ìdí òpó dára, nítorí pé jíjò òkè lè bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀.

A ní láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Kọ́ọ̀kì kékeré tó wà lára ògiri lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ le, ó jọ pé kò sí ẹni tó yí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Irú kọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi sípánà ńlá jà á, nítorí bí ó bá ṣẹ́, omi gbogbo táǹkì òkè á tú sínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó sáré dé ìta. Mo kọ́kọ́ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ pa fáàfù ńlá tó wà lábẹ́ táǹkì òkè. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ yí kọ́ọ̀kì náà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rọ̀, tó sì pa pátápátá. Nígbà tí a ṣí fáàfù ńlá padà, omi yọ díẹ̀ ní ọrùn kọ́ọ̀kì náà. Mo fi sípánà kékeré fún nọ́ọ̀tì ọrùn rẹ̀ díẹ̀ péré, ó sì dákẹ́.

Mo wá bu omi kúrò nínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ife títí ojú rẹ̀ fi rẹlẹ̀ dáadáa sí ẹnu òpó, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ara tánganran nínú, ní ibi tí ojú omi wà, a sì jókòó sínú pálọ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Nígbà tí a padà dé, omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ sí ìlà. Rọ́bà tuntun náà ń jò pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dúró níbẹ̀, wọ́n á sọ pé a ti rí i, ìsàlẹ̀ ni. Àní ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun jóòótọ́. Mo ní kí a ṣírò rẹ̀. Inú táǹkì náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 36, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí omi bá rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 nínú rẹ̀, mílílítà 540 ló lọ. Ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú 30. Ní wákàtí 24, ó tó nǹkan bíi lítà 26. Lítà 26 kì í ṣe ohun tí a ń fojú rénà, ṣùgbọ́n kò lè sọ táǹkì ọjọ́ 5 di ti ọjọ́ méjì àbọ̀. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, omi tó ń ṣòfò gbọ́dọ̀ ju lítà 200 lọ lóòjọ́. Ó ní ibi tí ìyókù ń gbà.

Ọ̀nà tí a fi mọ iye gbogbo omi tó ń ṣòfò kò gba ohun èlò kankan ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. A ṣí kọ́ọ̀kì ara ògiri padà. Ní agogo 10 alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ti wẹ̀ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ọ̀pá bọ inú táǹkì òkè kan ilẹ̀, ó sì sàmì sí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Màmá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi kẹ́ẹ̀gì ni kí wọ́n lò bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ní agogo 6 òwúrọ̀, omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 7 àbọ̀ rẹlẹ̀. Táǹkì náà fẹ̀ ní mítà 1.1 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ara rẹ̀ sì gún régé níbi tí omi wà lóru náà, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà 9 àbọ̀. Ó jẹ́ nǹkan bíi lítà 71 ní wákàtí 8, tí í ṣe lítà 9 ní wákàtí kan, tàbí díẹ̀ lé ní lítà 210 láàárín ọ̀sán àti òru. Nínú lítà 9 yìí, nǹkan bíi lítà 1 péré ló ń gba ìsàlẹ̀. Gbogbo ìyókù ń gba ẹnu òpó lọ nítorí fáàfù tí kò pa.

Bí a bá fi owó kejì ra rọ́bà mìíràn, kò ní yí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣòro náà kọjá.

A wá kọjú sí fáàfù. Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n rẹ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí fáàfù lè tètè pa. Ìyẹn bójú mu bí ó bá jẹ́ pé gíga omi nìkan ni kò tọ́. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ìdè rẹ̀. Mo ní kí ó bu omi táǹkì náà dé ìdajì, kí ó fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sókè títí dé òpin, kí ó sì dì í mú. Bí omi bá dá, fáàfù yè, gíga bọ́ọ̀lù la ó tún ṣe. Bí omi kò bá dá, àtúnṣe gíga kankan kò lè ràn án lọ́wọ́. Omi kò dá. Ó dín kù, ó di sísun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.

A pa kọ́ọ̀kì, a sì ṣí orí fáàfù náà. Nínú irú tiwọn, ìdérí kékeré kan ni a ń fi ọwọ́ tẹ̀ tí a sì ń yí díẹ̀ kí ó tó ṣí; àwọn mìíràn ní ìdè tí a ń fi ọwọ́ tú. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ tó owó ẹyọ kan. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe fáàfù yìí yẹ ní mímọ̀, nítorí òun ló ṣàlàyé àìsàn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò ní agbára láti ti omi pa fúnra rẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ ló ń pa ara rẹ̀: ihò kan wà lára rọ́bà náà tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, omi díẹ̀ ń gba ibẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn rọ́bà, bí bọ́ọ̀lù bá ti gòkè, á dí ọ̀nà tí omi ẹ̀yìn yìí ń gbà jáde, omi náà á kóra jọ, á sì ti rọ́bà mọ́ ẹnu páìpù. Bí ihò abẹ́rẹ́ yìí bá dí, omi kò ní dé ẹ̀yìn, rọ́bà kò sì ní rí ohun tó máa tì í. Bí ìdọ̀tí bá sì wà láàárín rọ́bà àti ẹnu páìpù, á tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní jókòó.

Tiwọn ní méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ti bo ihò abẹ́rẹ́ náà débi pé ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó fa ohun tí ìyàwó ilé sọ fún wa lẹ́yìn náà, pé ó ti pẹ́ tí táǹkì náà kì í tètè dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàn án. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tú omi lóru ni hóró yanrìn kan tó jókòó sí etí ẹnu páìpù. Àpá rẹ̀ hàn lára rọ́bà gẹ́gẹ́ bí kòtò kékeré.

Mo béèrè ìgbà tí wọ́n fọ táǹkì òkè kẹ́yìn. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n fọ̀ ọ́ ní kété kí ìṣòro yìí tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n ro ìdọ̀tí ìdí rẹ̀, wọ́n sì ṣí ẹ̀rọ omi kan nínú ilé kí omi ìfọ̀ lè bá a jáde. Páìpù kan náà ló lọ sí táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí kò yé mi. Fáàfù wọ̀nyí sábà máa ń ní asẹ́ kékeré ní ìdí, níbi tí páìpù ti wọ̀ ọ́, tó yẹ kí ó dá irú hóró bẹ́ẹ̀ dúró. A tú páìpù ìsàlẹ̀, kò sí asẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá rántí pé pọ́ḿbà tó fi táǹkì náà sí i níbẹ̀rẹ̀ yọ ike kan kúrò nítorí pé omi kò tètè kún. Mo mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ike méjì ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan ni èyí tó ń dín agbára omi kù, wọ́n ṣe é fún ibi tí omi ti ń wá pẹ̀lú agbára ńlá. Omi tó ń ti òkè mítà 4 ṣàn wálẹ̀ kò nílò rẹ̀, yíyọ rẹ̀ sì tọ́. Èkejì ni asẹ́, èyí tí kò yẹ kí a yọ rárá. Ẹni náà yọ méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò gba àkókò. A fọ rọ́bà náà nínú omi mímọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Fún ihò abẹ́rẹ́, mo ṣẹ́ ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀, mo fi ọ̀bẹ fá ẹnu rẹ̀ kí ó lè tín-ín-rín, mo sì fi tì í jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́ gan-an yóò tètè ṣe é, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ ihò náà, fáàfù náà kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, kò sì sí ohun tó lè sọ ihò di kékeré padà. Lẹ́yìn náà, kí a tó dá ìdérí padà, mo dojú ife dé ẹnu fáàfù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ṣí kọ́ọ̀kì díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí omi lè tú ohunkóhun tó kù nínú páìpù dànù sínú táǹkì. Yanrìn mìíràn jáde. Bí a kò bá ṣe èyí, àwọn hóró náà á tún padà lọ jókòó síbi tí a ti lé ti àkọ́kọ́ kúrò, àtúnṣe náà kò sì ní pẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ra asẹ́ nìkan lọ́jà, a fi í sí ìdí fáàfù, a sì fi ọwọ́ dì nọ́ọ̀tì ike ìdí rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ lè dé, lẹ́yìn náà ni sípánà fún un díẹ̀ sí i. Tánganran kì í gba ipá: nọ́ọ̀tì tí a fún jù lè la ìdí táǹkì, ìyẹn sì di ọ̀rọ̀ táǹkì tuntun.

Nígbà tí a ṣí omi, táǹkì kún, ó sì dákẹ́ lójijì, kò fa ariwo gígùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà nìkan ni ó tọ́ láti yí ìdè bọ́ọ̀lù, tí a fi mú kí ojú omi dúró ní sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹnu òpó.

Ìdí òpó ló kù. A pa kọ́ọ̀kì, a sì ṣan gbogbo omi táǹkì náà lọ. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú u jáde lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí ó má wo rọ́bà, kí ó ti ọwọ́ bọ inú táǹkì, kí ó sì fi ìka yí etí ihò tí rọ́bà ń jókòó lé. Ó ní ó rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ìgbín. Èépá tí omi bọ́ọ̀hòlù máa ń fi sílẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn ní apá kan. Rọ́bà tuntun rọ̀, ó dára, kò sí ayédèrú kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orí èépá ni wọ́n gbé e kà. Ẹni tó tà á kò jẹ̀bi ohun tí wọ́n fi kàn án.

A fi aṣọ tí a rì sínú fínígà dì í yí etí ihò náà ká fún nǹkan bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà a fi aṣọ náà nù ún títí ìka fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí bíléèdì, nítorí ike ni etí náà, ìlà kan tí irin bá fà sí i lára á di ọ̀nà omi títí ayé. Màmá béèrè bóyá kí a fi fásilíìnì ra rọ́bà kí ó lè dì dáadáa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má ṣe é, nítorí epo máa ń mú kí ọ̀pọ̀ rọ́bà wú, kí ó sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Omi lásán ti tó.

Rọ́bà àtijọ́ ṣì wà lórí fèrèsé. Ó ti le gan-gan, kò ṣeé tẹ̀, àmì yípo sì ti wọ ara rẹ̀ lọ. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń dà sínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, ìyàwó ilé sì jẹ́wọ́ pé òun máa ń da bílíìṣì sí i kí inú àwo lè máa funfun ní gbogbo ìgbà. Bílíìṣì tó wà nínú àwo kò ní ohun tó ń ṣe fún rọ́bà. Èyí tó bá wà nínú táǹkì ní ọ̀sán àti òru máa ń jẹ rọ́bà títí á fi le tàbí kí ó máa ta àwọ̀ dúdú sí ọwọ́. Wọ́n ti ń dà á sínú àwo tààrà báyìí.

Lẹ́yìn tí a dá òpó padà, ìdánwò ìlà pẹ́ńsù ni a tún ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a fi í sílẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀kì ní pípa. Omi kò kúrò lórí ìlà. Lóru kejì, a ṣí kọ́ọ̀kì, a sì ti ọ̀pá bọ táǹkì òkè: àmì alẹ́ àti ti òwúrọ̀ bá ara wọn mu. Táǹkì lítà 1,000 padà sí ọjọ́ 5 rẹ̀.

Ohun tí mo ń fà yọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí ó pa kọ́ọ̀kì kí ó tó dán ohunkóhun wò, nítorí ìyẹn nìkan ló ya jíjò òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Èkejì ni pé kí ó ṣírò ohun tó rí, kí ó sì fi wé ohun tó ń ṣòfò lóòótọ́. Jíjò kan tí a rí kò fi hàn pé òun nìkan ló wà, àti ní ilé tí a ti ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi, ọ̀pá inú táǹkì òkè ni mítà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Mo rò pé èyí ló gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́ rírà gbogbo nǹkan tuntun, nítorí bí ó bá fi fáàfù tuntun sí ojú páìpù tó kún fún yanrìn, láìsí asẹ́, ìyẹn náà ì bá ti jókòó lórí yanrìn.

Iṣẹ́ yìí ní ibi tó pin sí. Bí ìdè tó mú òpó bá ti ṣẹ́, tàbí tí etí ihò bá ti sán, fífọ̀ kò ràn án lọ́wọ́, òpó tuntun ni. Bí omi bá ń kán sílẹ̀ ilé láàárín táǹkì àti àwo, rọ́bà ńlá tó so wọ́n pọ̀ ló ti bàjẹ́, a sì ní láti gbé táǹkì náà kúrò lórí àwo kí a tó lè débẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò bá a gbé e kí ó má dán an wò, tánganran wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ.

Ìdánwò ìlà pẹ́ńsù náà lè purọ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Bí kọ́ọ̀kì ara ògiri kò bá pa tán, omi díẹ̀ á máa wọlé bí omi díẹ̀ ṣe ń jò jáde, ojú omi á sì dúró lórí ìlà bí ẹni pé ohun gbogbo dára. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa kọ́ọ̀kì, ẹ kọ́kọ́ ṣan gbogbo omi táǹkì náà lọ, kí ẹ sì wo ẹnu fáàfù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kán, ẹ lọ pa fáàfù ńlá tó wà lábẹ́ táǹkì òkè, kí ẹ fi garawa da omi kún táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ náà títí dé ìsàlẹ̀ ẹnu òpó, kí ẹ tó fa ìlà yín.